Fítámì Ọmọdé àti Oògùn Ẹ̀jẹ̀: Bí A Ṣe Ń Lò Wọ́n, Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Wọn, àti Ohun Tí A Ó Ṣe Bí Ọmọ Bá Gbé Irin Mì

Nínú ilé tí ọmọ kékeré bá wà, ìgò oríṣi méjì ló sábà máa ń wà lórí pẹpẹ kan náà. Ọ̀kan ni ìgò fítámì ọmọ, àwọn hóró rírọ̀ aládùn tí wọ́n ṣe bí ẹranko tàbí bí èso, èyí tí ọ̀pọ̀ òbí ń pè ní gọ́mì. Èkejì ni ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ìyá ń lò, pàápàá bí ó bá wà nínú oyún tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ìgò àkọ́kọ́ ni àwọn òbí máa ń gbé pamọ́, nítorí pé òun ni ọmọ ń tọrọ, òun náà ni ó sì ń sunkún lé lórí. Ìgò kejì ni ó lè pa ọmọ, nítorí èròjà irin tí ó wà nínú rẹ̀, òun gan-an ni a sì sábà máa ń gbé kalẹ̀ ní gbangba lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tàbí tí a ń fi sínú báàgì.

Ọ̀rọ̀ ìgò méjèèjì yìí kan ara wọn. Ọmọ tí ó ti mọ̀ pé ohun dídùn ni a ń mú jáde láti inú ìgò oògùn láràárọ̀ kò ní ìdí kankan láti bẹ̀rù ìgò mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ṣúgà bò lára, tí wọ́n sì kùn ní pupa dídán, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú àgbàlagbà pàápàá kò lè tètè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára súìtì. Ìdí nìyí tí ìtọ́sọ́nà yìí kò fi ní pẹ́ lórí gọ́mì, tí yóò sì dúró pẹ́ lórí irin.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ fún ọmọ àti ìdí tí ẹ fi fẹ́ fún un

Ọmọ tí ara rẹ̀ dá, tí ó ń jẹ oríṣiríṣi oúnjẹ, tí ó sì ń dàgbà bó ṣe yẹ, kì í sábà nílò fítámì inú ìgò. Àwọn ọmọ tí wọ́n nílò rẹ̀ wà lóòótọ́, bí ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, tàbí ọmọ tí àìsàn kì í jẹ́ kí oúnjẹ ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ni ó yẹ kí ó sọ ohun tí kò tó lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ti irin, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmọ ní oògùn rẹ̀ kìkì nítorí pé ojú rẹ̀ funfun tàbí pé kò fẹ́ràn oúnjẹ. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ó ń fi hàn bóyá irin ni kò tó, torí pé àwọn àìsàn ẹ̀jẹ̀ kan wà tí ọmọ lè jogún, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò kéré láìjẹ́ pé irin dín, tí irin tí a bá sì tún ń fi kún un yóò kàn máa kó jọ sí i lára ni.

Gọ́mì kò yẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4, nítorí pé ó máa ń lẹ̀, ó sì lè há sí ọmọ lọ́fun. Oògùn olómi ni ó sàn fún ọmọ tí ó bá kéré tó bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó ti dàgbà tó láti jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní ìjókòó, kí ó jẹ ẹ́ tán lójú yín, kí ó tó dìde lọ ṣeré. Ó dára kí ẹ fún un pẹ̀lú oúnjẹ, kí ó sì fọ eyín lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ṣúgà tí ó bá lẹ̀ mọ́ eyín kì í tètè kúrò.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ara ìgò kí ẹ tó ṣí i

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wá lára ìgò ni iye hóró tí wọ́n kà sí ìlò ẹ̀ẹ̀kan. Lára ọ̀pọ̀ ìgò gọ́mì, hóró 2 ni wọ́n kà sí ìlò ẹ̀ẹ̀kan, gbogbo iye èròjà tí wọ́n sì tò sísàlẹ̀ jẹ́ ti hóró méjèèjì pa pọ̀. Ẹni tí kò bá ṣàkíyèsí èyí lè rò pé odindi ni òun ń fún ọmọ nígbà tí ó jẹ́ pé ìdajì ni, tàbí kí ó fún un ní ìlọ́po méjì.

Ohun kejì ni bóyá irin wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn gọ́mì ni kò ní irin rárá, nítorí pé irin a máa mú kí wọ́n korò lẹ́nu bí ẹni ń lá kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ojú àwòrán tàbí dídùn rẹ̀ pinnu, nítorí pé àwọn kan ní in, àwọn fítámì ọmọdé líle tí a ń rún lẹ́nu sì sábà máa ń ní tó 10 sí 18 mílígíráàmù (mg) irin nínú hóró kan. Lára àwọn ìgò kan, àmì Fe ni ẹ ó rí.

Ohun kẹta ni fítámì A àti fítámì D, nítorí pé àwọn méjèèjì yìí kì í bá ìtọ̀ jáde bí fítámì C ti ń ṣe. Ara a máa tọ́jú wọn pamọ́. Iye fítámì A inú oògùn tí kò yẹ kí ọmọ ọdún 1 sí 3 kọjá lójúmọ́ ni 600 máíkírógíráàmù, ti ọmọ ọdún 4 sí 8 sì jẹ́ 900. Ọmọ tí ó jí ìkúnwọ́ gọ́mì jẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò sábà rí ju inú rírun tàbí ìgbẹ́ gbuuru lọ. Èyí tí ó ń ṣe ìpalára ni ti ọmọ tí ìyá ń fún ní gọ́mì láàárọ̀, tí ìyá àgbà ń fún ní fítámì olómi lálẹ́, tí bàbá sì tún ń fi epo ẹ̀dọ̀ ẹja kún un, láìsí ẹni tí ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé ni kí ó máa fún ọmọ ní fítámì.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣe ìṣirò irin gidi tí ó wà nínú ìgò kọ̀ọ̀kan

Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà, títí kan àwọn tí wọ́n kàwé dáadáa. Nọ́ḿbà ńlá tí wọ́n kọ síwájú ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í sábà jẹ́ iye irin. Irin kì í dá wà nínú oògùn. Wọ́n máa ń pò ó mọ́ ohun mìíràn ni, àpapọ̀ méjèèjì ni wọ́n sì ń wọ̀n. Hóró férọ́ọ̀sì sọ́féètì tí ó jẹ́ 325 mg ní irin gidi 65 mg nínú. Èyí tí wọ́n gbẹ omi inú rẹ̀, tí ó jẹ́ 200 mg péré, ní 65 mg bákan náà, ìdí sì nìyí tí hóró tí ó kéré lójú kò fi jẹ́ hóró tí agbára rẹ̀ kéré. Nínú férọ́ọ̀sì fúmárétì, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni irin, nínú férọ́ọ̀sì gulukonéètì sì rèé, kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Bí ẹ kò bá rí iye irin gidi lára ìgò, ẹ béèrè lọ́wọ́ apòògùn ní ọjọ́ tí ẹ bá rà á, kí ẹ sì fi bírò kọ ọ́ sára ìgò náà gàdàgbà. Ní ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kò ní sí àyè láti bẹ̀rẹ̀ sí wá a.

Ẹ fi iye yìí wé ohun tí ọmọ nílò. Ọmọ ọdún 1 sí 3 nílò irin 7 mg lójúmọ́, nínú oúnjẹ àti oògùn pa pọ̀. Hóró kan ṣoṣo nínú oògùn ìyá rẹ̀ ti ju ohun tí ó nílò fún ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ.

Láti mọ bí ewu ti tó, ẹ fi iye hóró tí ọmọ gbé mì ṣe ìlọ́po irin gidi inú hóró kan, kí ẹ sì fi ìwọ̀n ọmọ ní kílò pín in. Bí èsì bá kéré sí 20 mg fún kílò kan, kò sábà sí ju kí inú máa ru ọmọ lọ. Láti 20 sókè, ìpalára lè wọ inú ikùn àti ìfun. Bí ó bá tó 40, ilé ìwòsàn ni, ọmọ ì báà máa ṣeré kí ó máa rẹ́rìn-ín. Bí ó bá kọjá 60, ó lè gba ẹ̀mí. Fún ọmọ oníkílò 10, hóró 10 tí irin inú wọn jẹ́ 65 mg ti kọjá 60 náà, hóró 7 sì ti kọjá 40. Ìkúnwọ́ ọmọ kékeré kan lè tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ ìwọ̀n ọmọ yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ibi tí gbogbo ará ilé yóò ti rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Bí dókítà bá ní kí ọmọ lo irin, ohun ìwọn ni kí ẹ ṣọ́

Oògùn irin olómi wà ní oríṣi méjì tí ẹnu àti ojú lè má mọ ìyàtọ̀ wọn. Èyí tí a ń kán pẹ̀lú ohun ìkán oògùn lè ní 15 mg irin nínú mílílítà 1. Èyí tí a ń fi ṣíbí wọ̀n lè ní 44 mg nínú mílílítà 5, èyí tí kò tó 9 mg nínú mílílítà kan. Bí ìyá bá ti mọ́ ṣíbí mílílítà 5 lára láti ìgbà àtijọ́, tí wọ́n wá fún un ní èyí tí a ń kán, tí ó sì fi ṣíbí náà bù ú, 75 mg ni ó gbé fún ọmọ lẹ́ẹ̀kan. Fún ọmọ oníkílò 7, èyí ti kọjá 10 mg fún kílò kan, nígbà tí ohun tí dókítà sábà máa ń ní kí ọmọ lò láti fi wo àìtó irin wà láàárín 3 sí 6 mg fún kílò kan lójúmọ́. Lójoojúmọ́ ni yóò sì máa ṣẹlẹ̀ títí tí ẹnì kan yóò fi kíyè sí i.

Nítorí náà, ohun ìwọn tí ó bá ìgò wá ni kí ẹ lò fún ìgò náà, kì í ṣe ti ìgò mìíràn, kì í sì í ṣe ṣíbí ìjẹun. Ẹ ní kí apòògùn fi ìlà sí ibi tí oògùn gbọ́dọ̀ dé lára ohun ìwọn náà lójú yín. Ìgbẹ́ ọmọ yóò dúdú nígbà tí ó bá ń lo irin. Èyí kò léwu. Irin olómi a máa pa eyín láwọ̀ dà, ìdí nìyí tí a fi máa ń kán an sí ẹ̀yìn ẹnu, tí ọmọ á sì mu omi tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá gbàgbé ti àná, ẹ má ṣe fi ti òní ṣe ìlọ́po méjì.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìtọ́jú nínú ilé

Ọkàn àwọn òbí máa ń balẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rí ọmọrí ìgò tí a gbọ́dọ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí á tó yí i. Ọmọrí yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣèlérí nípa rẹ̀. Nínú ìdánwò tí wọ́n ń ṣe fún un ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín oṣù 42 sí 51 ni wọ́n máa ń gbé ìgò fún fún ìṣẹ́jú 10. Bí ọmọ 80 nínú 100 kò bá lè ṣí i, ìgò náà ti yege. Ìyẹn ni pé àwọn ogún tó kù lè ṣí i, kí ìgò náà sì tún jẹ́ èyí tí ó yege. Iṣẹ́ ọmọrí ni láti dá ọmọ dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ lè rí i. Kì í sì í ṣe iṣẹ́ yìí bí ẹ kò bá yí i títí tí yóò fi ró, tàbí bí oògùn olómi bá ti gan mọ́ ẹnu ìgò. Ẹ máa nu ẹnu ìgò lẹ́yìn tí ẹ bá ti bù nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbìyànjú láti ṣí i láì tẹ̀ ẹ́. Bí ó bá ṣí, ẹ kò tíì dé e nìyẹn.

Ibi tí ó yẹ kí oògùn wà ni ibi tí ó ga, tí ojú ọmọ kò tó, tí a sì ń fi kọ́kọ́rọ́ tì. Gíga nìkan kò tó, nítorí pé ọmọ ọdún méjì mọ bí a ti ń gbé àga. Èmi a máa ka pípamọ́ lójú sí pàtàkì ju gíga lọ, torí pé ohun tí ọmọ kò rí kì í sábà wá a lọ. Orí fíríìjì kì í ṣe ibi ìpamọ́, bẹ́ẹ̀ ni inú ilẹ̀kùn fíríìjì pẹ̀lú. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwẹ̀ kò dára fún ìdí mìíràn: ooru àti ọ̀rinrin a máa yọ́ gọ́mì títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi lẹ̀ pọ̀ di odidi kan, bí ó bá sì ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ kò lè kà á mọ́, ẹ kò sì lè mọ iye tí ẹ gé fún ọmọ. Irú ìgò bẹ́ẹ̀, ẹ dà á nù.

Gọ́mì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ wà lórí pẹpẹ kan náà. Bí ọwọ́ ọmọ bá tilẹ̀ tó ibi tí gọ́mì wà lọ́jọ́ kan, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bá oògùn ìyá níbẹ̀. Ẹ má ṣe yọ oògùn irin kúrò nínú ìgò rẹ̀ sínú bébà, sínú ọ̀rá, tàbí sínú àpótí kékeré tí a ń fi pín oògùn ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ méje. Àpótí bẹ́ẹ̀ kò ní ọmọrí tí ó lè dá ọmọ dúró, orúkọ oògùn kò sì sí lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n dì ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú ìdì tí a ń tẹ̀ kí hóró tó jáde, òun ni kí ẹ yàn, nítorí pé ọmọ yóò pẹ́ lórí ẹyọ kan kí ó tó dé orí èkejì.

Ìgbà tí ìjàǹbá pọ̀ jù kì í ṣe ìgbà tí oògùn wà níbi ìpamọ́ rẹ̀; ìgbà tí ẹnì kan ń lò ó lọ́wọ́ ni. Ìyá ṣí ìgò, ó mú hóró kan, fóònù dún, ó sì gbé ìgò kalẹ̀ láti dá ẹni tó pè lóhùn. Ẹ dé e kí ẹ tó gbé oògùn sẹ́nu, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Báàgì àlejò náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìyá àgbà bá wá kí yín, ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé báàgì yín sókè nítorí ọmọ yìí,” kò sí ẹni tí yóò bínú sí i.

Nǹkan méjì mìíràn kò gba àkókò. Ẹ má ṣe pe oògùn ní súìtì láti fi tan ọmọ kí ó lè lò ó. Kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ìgò irin àti iye hóró tí ó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀; ẹ ó rí ìwúlò èyí nísàlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ọmọ bá gbé e mì

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀ràn kan yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin ọdún 2 kan, oníkílò 12, wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ sì wà ní ṣíṣí níwájú rẹ̀. Ètè rẹ̀ pupa, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ pupa. Ó ń ṣeré. Hóró férọ́ọ̀sì sọ́féètì 200 mg ni, èyí tí irin gidi inú rẹ̀ jẹ́ 65 mg.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ìyá yọ èyí tó kù lẹ́nu ọmọ pẹ̀lú ìka, kí ó sì nu ẹnu rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ìka ki í lọ́fun kí ó lè bì, kò sì gbọdọ̀ fún un ní omi iyọ̀, epo tàbí ohunkóhun mìíràn tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ó ń pa májèlé. Èébì tí a fi ipá mú wá lè gba ọ̀nà èémí lọ, epo tí ọmọ bá sì fà sínú ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ewu lọ́tọ̀. Èédú tí a ń lò fún oríṣi májèlé mìíràn kì í mú irin rárá.

Ohun kejì ni kíkà. Lára ìgò, ìyá ti kọ ọ́ pé hóró 30 ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí òun ṣí i, ó sì ti lò ó fún ọjọ́ 12, hóró kan lójúmọ́. 18 ni ó yẹ kí ó kù. Ó ka 9 nínú ìgò, ó rí 1 lábẹ́ ibùsùn. Hóró 8 ni kò rí. Gbogbo ohun tí a kò bá rí, a ó kà á sí pé ọmọ ti gbé e mì. Bí ọmọ méjì bá jọ wà níbẹ̀, a kò ní pín in. A ó kà á sí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó gbé gbogbo 8 náà mì, a ó sì ṣe ìṣirò fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níhìn-ín, 8 lọ́nà 65 jẹ́ 520 mg. Bí a bá fi kílò 12 pín in, ó jẹ́ nǹkan bí 43 mg fún kílò kan. Ó ti kọjá 40.

Ohun kẹta ni kí ó pe ibùdó ìtọ́ni lórí májèlé bí ó bá wà ní orílẹ̀-èdè rẹ̀, tàbí ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọn jù. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó wà láàárín wọn kò gùn.

“Ọmọ ọdún mélòó ni, Mà? Kílò mélòó?”

“Ọmọ ọdún méjì ni, kílò méjìlá.”

“Kí ni ó gbé mì, mélòó sì ni?”

“Oògùn ẹ̀jẹ̀ mi ni, irin márùndínláàádọ́rin nínú hóró kan. Mẹ́jọ ni mi ò rí. Kò tíì ju ìdajì wákàtí lọ.”

“Ó ti bì?”

“Rárá, ó ń ṣeré ni.”

“Ẹ máa gbé e bọ̀ báyìí, Mà. Ẹ mú ìgò náà dání.”

Bí ó bá jẹ́ pé gọ́mì 15 tí kò ní irin ni ọmọ yìí jẹ, ìṣirò irin rẹ̀ jẹ́ òdo. Bí ó bá jẹ́ fítámì líle tí a ń rún, tí irin inú rẹ̀ jẹ́ 10 mg, hóró 15 yóò jẹ́ 150 mg, tàbí 12.5 fún kílò kan, ibùdó ìtọ́ni yóò sì lè ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ nílé. Ibi tí kò bá sí ẹni tí a lè pè, èrò tèmi ni pé láti 20 sókè, ẹ máa gbé ọmọ lọ. Bákan náà, ọmọ tí ó bá ń bì léraléra, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú èébì tàbí ìgbẹ́ rẹ̀, tí ó ń tòògbé, tàbí tí ara rẹ̀ tutù, ilé ìwòsàn ni tirẹ̀ láìka iye yòówù tí ìṣirò bá mú wá sí, nítorí pé a lè ti ṣì í kà.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìfọ̀kànbalẹ̀ tí ó tẹ̀ lé èébì tàn yín jẹ

Láàárín wákàtí 6 àkọ́kọ́, irin a máa jó inú ikùn àti ìfun. Ọmọ a máa bì, a máa ṣu gbuuru, inú a sì máa run ún. Ẹ̀jẹ̀ lè tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, èébì lè dáwọ́ dúró. Ọmọ lè sùn, kí ó jí, kí ó sì béèrè omi. Àkókò yìí, tí ó lè wà láàárín wákàtí 6 sí 24, ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, nígbà tí ó jẹ́ pé irin ti kúrò nínú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ti ń wọ inú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn lọ. Ọmọ tí ó wà nínú ewu ní àkókò yìí kì í sábà dá ṣáká: ẹ ó rí i pé ó ń mí kíákíá, pé kò gbádùn eré, tàbí pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Bí ó bá burú sí i, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò kan bí ásíìdì, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ sì lè daṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó fi yín lọ́kàn balẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ tí ó gbé hóró lásán mì, tí kò bì, tí inú kò run ún, tí kò sì ṣu gbuuru rárá fún odindi wákàtí 6, kò sábà ní májèlé irin tó le lára. Àyàfi bí oògùn náà bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n bò kí ó lè yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìfun; èyí lè pẹ́ kí ó tó fara hàn, ìdí mìíràn sì nìyẹn tí ìgò fi gbọ́dọ̀ bá yín dé ilé ìwòsàn.

Níbẹ̀, wọ́n lè fi ẹ́síréè wo ikùn, nítorí pé hóró irin líle a máa hàn nínú rẹ̀. Fítámì tí a ń rún àti irin olómi kì í sábà hàn, nítorí náà àwòrán tí ó mọ́ kò fi dandan sọ pé ọmọ kò gbé nǹkan mì. Wọ́n yóò gba ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí 4 sí 6 lẹ́yìn tí ó gbé e mì, torí pé ìgbà yẹn ni irin máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó dé, irin ti lè fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ wọ inú ara, kí èsì sì kéré ju bí ọ̀rọ̀ ti rí lọ. Ẹ sọ àkókò náà fún wọn bí ó ti rí gan-an, ì báà tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti pẹ́. Bí hóró bá ṣì pọ̀ nínú ikùn, wọ́n lè fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú da omi oògùn tí yóò fọ gbogbo ìfun mọ́. Bí ó bá le, wọ́n yóò fa oògùn tí a ń pè ní dẹfẹ́rọ́sámíìnì sí i nínú iṣan. Oògùn yìí a máa di irin mú, a sì máa bá a jáde nínú ìtọ̀, ìtọ̀ ọmọ lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé ọmọ padà sílé, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ẹ sì máa ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀ fún oṣù méjì. Ibi tí irin ti jó nínú ikùn tàbí ìfun lè di àpá, kí àpá náà sì fún ọ̀nà oúnjẹ pọ̀. Ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 8. Ọmọ tí ó ti ń jẹun dáadáa, tí ó wá ń bì lẹ́yìn oúnjẹ léraléra, tí ikùn rẹ̀ ń wú, tàbí tí ó ń rù, ẹ gbé e padà sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún dókítà pé ó ti gbé irin mì rí, pẹ̀lú ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, nítorí pé ẹni tí kò mọ̀ yóò kà á sí ibà tàbí aràn.